Ta ni "wọ́n" inú lẹ́tà iṣẹ́ omi ọjà?

Àkọsílẹ̀ yìí dá lé ímeèlì kan ṣoṣo. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ alákòóso iṣẹ́ ní àjọ kékeré kan níbí ní Ìbàdàn ló kọ ọ́. Àjọ náà ń bá ẹgbẹ́ ọlọ́jà kan gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, èyí tí pọ́ǹpù sólà yóò máa fa omi rẹ̀ sókè. Ìyálọ́jà, Bàbá Akápò àti akọ̀wé ẹgbẹ́ wà nínú ìgbìmọ̀ iṣẹ́ omi náà. Agbaṣẹ́ṣe tó gbẹ́ kànga àti onísólà náà ń gba gbogbo lẹ́tà tó bá jáde. Yorùbá ni ìgbìmọ̀ fi ń kọ̀wé, torí pé ọmọ Ìyálọ́jà ló máa ń ka lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ létí nínú ìsọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti bá àjọ náà yẹ ìwé rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí ti jáde lọ́jọ́ Ajé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ohun tí ó sọ nìyí:

> Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, ẹ kú iṣẹ́. A fẹ́ fi tó yín létí pé ìdádúró díẹ̀ wáyé lórí iṣẹ́ omi. Wọ́n ti gbẹ́ kànga tán, wọ́n sì ti dán omi rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ kò tètè jáde. Ó ti wá di mímọ̀ pé pọ́ǹpù tí wọ́n rà lágbára ju kànga lọ. Wọ́n ti ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbà. Èyí ló fà á tí wọn kò fi lè parí ti sólà. Ó yẹ kí wọ́n ti fi tó wa létí ṣáájú. A ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, yóò sì yanjú láìpẹ́.

Ẹ tún un kà. Gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ẹni tó kọ ọ́ kò purọ́ mọ̀ọ́mọ̀. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, Bàbá Akápò ti pè lórí fóònù pẹ̀lú ìbínú: "Èmi ni mo ní n kò gbà? Ta ló bi mí tí mo fi kọ̀?" Ìyálọ́jà ní kí ọmọ òun kọ èsì kúkúrú: "Ta ni kí n bá sọ̀rọ̀?" Agbaṣẹ́ṣe kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Onísólà náà dákẹ́, nítorí kò rí ohun kankan tó kàn án nínú lẹ́tà ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni gbólóhùn kan ń tọ́ka sí.

Ohun tó bí Bàbá Akápò nínú ni mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣàlàyé, torí pé ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Yorùbá kò ní ìhun tí Gẹ̀ẹ́sì ní, èyí tí ohun tí a ṣe yóò fi bọ́ sí ipò olùwà tí ẹni tó ṣe é yóò sì pòórá. "Wọ́n" ló ń bá wa ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí mo bá ní "wọ́n ti ti ilẹ̀kùn", ó lè máà sí àwọn kan pàtó lọ́kàn mi rárá. Ilẹ̀kùn títì nìkan ni mo ń ròyìn. Ṣùgbọ́n "wọ́n" yìí kan náà ni arọ́pò orúkọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a ti dárúkọ ṣáájú. Òun náà sì ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo. Nítorí náà, nígbà tí àgbàlagbà tó mú owó ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ ka "wọn kò gbà" nínú lẹ́tà tí ọmọ tó lè bí kọ, kí ni ó fẹ́ rò? Òun ni ẹni tí ọmọ yẹn ń pè ní "wọ́n" lójoojúmọ́. Òun sì ni ẹni tí ènìyàn máa ń retí pé kó gbà tàbí kó máà gbà bí ọ̀rọ̀ bá di ti owó. Ìtumọ̀ tí Bàbá fún un tọ̀nà lójú gírámà. Lẹ́tà náà ló ṣínà.

Mo ní kí alákòóso wá sí ọ́fíìsì ní Bódìjà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A tẹ lẹ́tà náà sórí bébà, mo sì ní kó fi bírò pupa yí gbogbo "wọ́n" àti "wọn" po. Mẹ́jọ ni. Lẹ́yìn náà, mo ní kó kọ orúkọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N kò ní kó kọ ohun tó yẹ kí ó jẹ́ o. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ ni mo béèrè.

Méjì àkọ́kọ́ kò pẹ́: agbaṣẹ́ṣe ló gbẹ́ kànga, òun náà ló dán an wò. Nígbà tó dé "pọ́ǹpù tí wọ́n rà", ó gbé bírò sílẹ̀.

"Àǹtí, àwa ni."

"Àwa wo?"

"Àjọ wa. Olùrajà wa ló lọ rà á."

Ọ̀rọ̀ wá yé mi. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ náà ló kọ lẹ́tà, àjọ náà ló ra pọ́ǹpù, síbẹ̀ "wọ́n" ló kọ, bí ẹni pé àwọn ará ibòmíràn ló rà á. Kò ní in lọ́kàn láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Kò fẹ́ kí ojú ti ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Èyí tó tẹ̀ lé e tún yà mí lẹ́nu ju bẹ́ẹ̀ lọ: "Wọ́n ti ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀." Ta ló ní kí ta ni pààrọ̀ rẹ̀? Alákòóso fúnra rẹ̀ ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó fi ara rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ "wọ́n" nínú lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. "Wọ́n" kejì nínú gbólóhùn yẹn ni àwọn ará ṣọ́ọ̀bù. "Wọn kò gbà" ni ọmọkùnrin tó ń bá olówó ṣọ́ọ̀bù jókòó. "Wọn kò fi lè parí" ni onísólà. Èyí tó kẹ́yìn, "ó yẹ kí wọ́n ti fi tó wa létí", ni agbaṣẹ́ṣe. "Wọ́n" mẹ́jọ dúró fún ọ̀nà márùn-ún: agbaṣẹ́ṣe, olùrajà, alákòóso fúnra rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù àti onísólà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí òǹkàwé lè dá mọ̀ láti inú lẹ́tà náà.

Wàyí o, bí a bá kàn fi orúkọ rọ́pò "wọ́n" kí a sì tún lẹ́tà fi ránṣẹ́, ewu ńlá ni. Orúkọ tó wà lọ́kàn òǹkọ̀wé lè máà jẹ́ òótọ́. "Wọ́n" máa ń gba ènìyàn láyè láti kọ ohun tí kò tíì wádìí, torí pé kò sẹ́ni tí yóò dìde láti sọ pé irọ́ ni. Bí orúkọ bá ti wọlé, gbólóhùn ti di ẹ̀sùn, ẹ̀sùn sì ń fẹ́ ẹ̀rí. Nítorí náà, a kó risíìtì, ọ̀rọ̀ Wasáàpù àti ìwé ìdánwò kànga jáde, a sì wo ọjọ́ tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀ràn ti yí padà nìyí. Ilẹ̀ Ìbàdàn, orí àpáta ló wà. Inú ibi tí àpáta ti sán àti ìpele rẹ̀ tó ti jẹrà ni omi máa ń wà, ìdí nìyí tí kànga ilé kan fi lè lómi dáadáa kí ti ilé kejì máà tó nǹkan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í ra pọ́ǹpù kí ó tó mọ iye omi tí kànga lè mú wá láàárín wákàtí kan àti bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ sí bí a bá ń fà á. Bí pọ́ǹpù bá ń fa omi ju bí kànga ṣe ń sun ún lọ, omi yóò lọ sílẹ̀ títí pọ́ǹpù yóò fi máa yí lórí òfo. Omi tó yí i ká ló sì ń mú mọ́tò inú rẹ̀ tutù. Bí omi bá tán, yóò jóná. Ìwé ìdánwò agbaṣẹ́ṣe sọ pé kànga náà lè mú nǹkan bí lítà 1,200 wá ní wákàtí kan. Pọ́ǹpù tí àjọ rà ń fa lítà 3,000. Risíìtì pọ́ǹpù jẹ́ ti Ọjọ́rú. Agbaṣẹ́ṣe fi àwòrán ìwé ìdánwò ránṣẹ́ sí fóònù olùrajà lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì tó parí ìdánwò.

Nítorí náà, agbaṣẹ́ṣe kò pẹ́. "Àbájáde rẹ̀ kò tètè jáde" kì í ṣe òótọ́. "Ó yẹ kí wọ́n ti fi tó wa létí ṣáájú" náà kì í ṣe òótọ́, nítorí ó fi tó wọn létí bí ó ti parí. Àjọ ló ra pọ́ǹpù kí ìdánwò tó wáyé. A pe olùrajà, kò sì sẹ́. Ó ṣàlàyé pé oníṣọ́ọ̀bù sọ pé pọ́ǹpù yóò gbówó lérí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun sì rò pé òun ń bá ìgbìmọ̀ dín ìnáwó kù. Ìdí gidi nìyẹn, kì í ṣe àfojúdi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣe: ó gbé ẹ̀bi ẹni tó rajà lé ẹni tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ lórí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Agbaṣẹ́ṣe tó dákẹ́ mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, ṣùgbọ́n kò lè fèsì, torí pé bó bá fèsì, a lè bi í pé ta ló dárúkọ rẹ̀.

Ìwádìí lórí "wọn kò gbà" ló mú èrè tó pọ̀ jù wá. Nígbà tí mo béèrè ẹni tó kọ̀ gan-an, alákòóso ní ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni. Mo béèrè bóyá ọmọ náà ní àṣẹ láti gbà. Kò ní. Ó ti rí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù bí? Kò tíì rí i. A jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kọ̀ rárá. Ẹni tó lè gbà ni a kò tíì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbìmọ̀ ti ń ronú ibi tí owó pọ́ǹpù mìíràn yóò ti wá nítorí gbólóhùn kan tí olùwà rẹ̀ kò hàn.

Lẹ́yìn "wọ́n", a yẹ "a" wò. Òun náà ní ọgbọ́n ìfarapamọ́ tirẹ̀. "A" Yorùbá kò sọ bóyá ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ tàbí o kò sí. Nígbà tí Ìyálọ́jà gbọ́ "a ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀", ó lè rò pé Bàbá Akápò ti ń wá nǹkan ṣe sí i. Bàbá Akápò lè rò pé àjọ ni. Àjọ ń dúró de ìgbìmọ̀. Mo bi alákòóso léèrè ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní àárọ̀ yẹn gan-an. Ó ní kò tíì sí.

Àwọn gbólóhùn kan kò ní "wọ́n" tàbí "a" nínú, síbẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. "Ìdádúró wáyé": ta ló dá iṣẹ́ dúró? "Àbájáde kò jáde": ìwé kì í dá rìn. "Ó ti wá di mímọ̀": ta ló mọ̀ ọ́n, nígbà wo? "Yóò yanjú": ọ̀rọ̀ ìṣe yìí lè dúró láìní ẹni tó yanjú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi dùn kọ. "Èyí ló fà á" náà wà níbẹ̀. Èyí wo? Ṣé títóbi pọ́ǹpù ni, àbí kíkọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀? Bó bá jẹ́ èkíní, onísólà yóò ṣì máa dúró bí ṣọ́ọ̀bù tilẹ̀ gbà. A pe onísólà. Ó ní òun ti to irin tí páńẹ́ẹ̀lì yóò jókòó lé, agbára pọ́ǹpù ni òun ń dúró dè kí òun tó mọ iye páńẹ́ẹ̀lì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé pọ́ǹpù yóò yí padà.

Nígbà tí alákòóso wá jókòó láti tún lẹ́tà kọ, gbólóhùn tó kọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ni "Olùrajà wa ni ó ra pọ́ǹpù náà kí ìdánwò tó wáyé." Mo ní kó yọ "ni ó" kúrò. Gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ ni a ń pè é ní ilé ìwé. Bí a bá fi "ni" tẹnu mọ́ olùwà, ó ń dáhùn ìbéèrè "ta ló ṣe é?", bíi pé a ti ń wá ọ̀daràn kiri tẹ́lẹ̀. "Olùrajà wa ra pọ́ǹpù" kàn ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Orúkọ wà nínú méjèèjì, òtítọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìka nínà wà nínú ọ̀kan, kò sí nínú èkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sá fún dídárúkọ ẹni, "ni" yìí ni wọ́n ń sá fún láìmọ̀. Ibi tí "ni" dára sí ni ìlérí: "Èmi ni yóò fi ránṣẹ́." Níbẹ̀, mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí wọn yóò bi.

Àríyànjiyàn díẹ̀ wà lórí bóyá kí a tilẹ̀ mẹ́nu kan olùrajà. Ọ̀gá àjọ ní kí ó jẹ́ "àjọ wa" nìkan, torí pé àjọ ló gba iṣẹ́, àjọ ni yóò sì san án. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ ní ti gbèsè. Ṣùgbọ́n ní ti ìgbésẹ̀ tó kàn, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, torí náà a lo "àjọ wa" níbi tí ọ̀rọ̀ ti jẹ mọ́ ojúṣe, a sì lo "olùrajà wa" níbi tó ti jẹ mọ́ iṣẹ́. Olùrajà ka lẹ́tà náà kí ó tó jáde. Èyí ṣe pàtàkì lójú mi: kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pàdé orúkọ ara rẹ̀ nínú lẹ́tà tí gbogbo ìgbìmọ̀ ń kà láìjẹ́ pé ó ti rí i ṣáájú.

Lẹ́tà tó jáde lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí:

> Ìyálọ́jà, Bàbá Akápò àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi lẹ́tà yìí rọ́pò ti àná.
>
> Kànga ti parí, omi sì wà nínú rẹ̀. Pọ́ǹpù kò tíì wọlẹ̀, nítorí pé èyí tí àjọ wa rà lágbára ju kànga lọ. Olùrajà wa rà á ní Ọjọ́rú tó kọjá, kí ìdánwò omi tó parí. Agbaṣẹ́ṣe fi àbájáde ránṣẹ́ sí wa lọ́jọ́ Ẹtì, lásìkò: kànga lè mú lítà 1,200 wá ní wákàtí kan, pọ́ǹpù ń fa 3,000. Lẹ́tà àná sọ pé agbaṣẹ́ṣe pẹ́. Kò pẹ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.
>
> Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ ní òun kò lè pààrọ̀ pọ́ǹpù. N kò tíì rí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Èmi àti olùrajà yóò lọ bá a lọ́la, Ọjọ́rú, pẹ̀lú risíìtì. Bí kò bá gbà, àjọ wa yóò fi owó ara rẹ̀ ra òmíràn. Kò sí owó tí Bàbá Akápò yóò tún yọ.
>
> Onísólà ti to irin sílẹ̀, ó ń dúró de agbára pọ́ǹpù. Èmi ni yóò fi ránṣẹ́ sí i ní kété tí pọ́ǹpù bá ti wà lọ́wọ́ wa. Ẹ óò gbọ́ èsì ṣọ́ọ̀bù lọ́dọ̀ mi kí ó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

"Kànga ti parí" wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó parí rẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ bi í lórí rẹ̀, pé omi wà ni ìròyìn. Bí a bá fi orúkọ sí ibi gbogbo, lẹ́tà yóò di ìwé ẹjọ́. Ohun tí mo fi ń dá a mọ̀ kò le: bí ẹnì kan yóò bá nílò láti pe oníṣẹ́ náà, láti sanwó fún un, tàbí láti bi í ní ìdí, orúkọ gbọ́dọ̀ wà. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lè fi í sílẹ̀. Nípa Bàbá Akápò, ẹ óò rí i pé oyè rẹ̀ ni a kọ, a kò fi "wọ́n" rọ́pò rẹ̀ níbì kankan. Ọ̀wọ̀ wà nínú oyè yẹn, kò sì sí àṣìmọ̀ nínú rẹ̀.

Agbaṣẹ́ṣe fèsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó dúpẹ́, ó sì fi ohun kan kún un tí kò sẹ́ni tó bi í: pé jíjìn tí omi máa ń lọ sílẹ̀ sí nígbà ìdánwò wà ní ojú ìwé kejì, kí olùrajà mú ojú ìwé náà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, torí iye lítà nìkan kò tó láti fi yan pọ́ǹpù. Ní Ọjọ́rú, olówó ṣọ́ọ̀bù gba pọ́ǹpù padà. Ó yọ díẹ̀ nínú owó nítorí páálí tó ti ya, ó sì fún wọn ní èyí tó bá ìwé mu. Alákòóso fi agbára rẹ̀ ránṣẹ́ sí onísólà láti inú ṣọ́ọ̀bù.

Ohun kan tó kù ni ti kíbọọ̀dù. Alákòóso ti ń yẹ lẹ́tà rẹ̀ wò fúnra rẹ̀ báyìí kí ó tó fi ránṣẹ́: ó ń tẹ Ctrl+F, ó sì ń wá "wọ́n". Ẹ̀ẹ̀kan, kò rí nǹkan kan nínú lẹ́tà tí mo rí mẹ́ta nínú rẹ̀, nítorí orí fóònù ló ti kọ ọ́, láìfi àmì sí i. Ẹ wá `won`, `wọn` àti `wọ́n` lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì tún wá `wáyé`, `waye`, `di mímọ̀` àti `yanjú`. Èyí tí ẹ bá rí, ẹ bi í pé ta ni.